Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi wá lórí ètò ọ̀sẹ̀ mẹ́fà fún ìdánwò bayosítátísítíìsì àti ẹpidẹmiọ́lọ́jì: ẹgbẹ́ àkàpọ̀ Iléṣà

Ta ni ètò yìí wà fún?

Ó wà fún àwa tí à ń ṣiṣẹ́ tí a sì tún ń kàwé: nọ́ọ̀sì, òṣìṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, òṣìṣẹ́ ìlera ní ìjọba ìbílẹ̀, àwọn tó ń gbé Iléṣà tí wọ́n ń lọ gba ẹ̀kọ́ ní Ilé-Ifẹ̀. A gbà pé ẹ ti jókòó ní kíláàsì, ìwé àkọsílẹ̀ sì wà lọ́wọ́ yín, àmọ́ ó ti pẹ́ tí ẹ ti ṣí i. Ìṣẹ́jú 45 lójúmọ́ láàrin ọ̀sẹ̀ àti wákàtí mẹ́ta ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú la fi ṣètò. Ẹni tó bá ní jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó fi sun oorun.

Ṣé ká bẹ̀rẹ̀ ìwé láti ojú ewé àkọ́kọ́ ni?

Rárá o. Ẹ wá ìbéèrè ìdánwò ọdún kan tó ti kọjá, kí ẹ jókòó ṣe é láìṣí ìwé, kí aago sì máa ká. Máàkì kọ́ là ń wá níbẹ̀. Tí ẹ bá parí, ẹ pín àwọn ibi tí ẹ ti ṣì í sí ọ̀nà mẹ́ta. Àkọ́kọ́ ni ibi tí ẹ kò ti mọ fọ́múlà rárá. Èkejì ni ibi tí ẹ ti mọ fọ́múlà, àmọ́ tí ẹ fi iye tí kò yẹ sí ìsàlẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ibi tí ìṣirò ti tọ̀nà, àmọ́ tí gbólóhùn tí ẹ kọ tẹ̀ lé e kò sọ ohun tí iye náà ń sọ.

Nínú ẹgbẹ́ wa, èkejì àti ẹ̀kẹta ló máa ń jẹ máàkì jù, bẹ́ẹ̀ àkọ́kọ́ nìkan ni kíka ìwé léraléra lè wò sàn. Ìdí nìyẹn tí ètò yìí fi jẹ́ ti ìṣirò àti àlàyé lẹ́nu, tí kì í ṣe ti àkọ́sórí.

Báwo la ṣe pín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà náà?

Ọ̀sẹ̀ kìíní jẹ́ ti ìdánwò àkọ́dán yẹn, àti ti bí a ṣe ń wọn àrùn láàrin ìlú. Ọ̀sẹ̀ kejì jẹ́ ti oríṣi ìwádìí. Ọ̀sẹ̀ kẹta jẹ́ ti àtẹ onílé mẹ́rin, ìyẹn àtẹ ìlà méjì àti òpó méjì tó ń pín àwọn èèyàn sí ẹni tó ṣe ohun tí a fura sí àti ẹni tí kò ṣe é, ẹni tó ṣàìsàn àti ẹni tí kò ṣàìsàn; ibẹ̀ la ti máa ń pẹ́ jù. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, a máa ń ṣe ìdánwò àyẹ̀wò àrùn, bí àpẹẹrẹ àyẹ̀wò ibà tí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ orí ìka ṣe, ká sì tó wá kan àwọn ohun tó lè da èsì rú. Ọ̀sẹ̀ karùn-ún jẹ́ ti SE, ìyẹn bí èèṣì ṣe lè mú iye tí a rí yẹ̀ tó; ti CI, ìyẹn àlàfo àwọn iye tí ohun tí a rí kò takò; àti ti káì-sìkúẹ̀ pẹ̀lú ìtumọ̀ p, tí a fi ń wò bóyá èèṣì lásán lè bí ìyàtọ̀ tí a rí.

Ọ̀sẹ̀ kẹfà kò ní ẹ̀kọ́ tuntun kankan. Ìbéèrè àtijọ́ là ń ṣe pẹ̀lú aago, ọ̀kan láàrin ọ̀sẹ̀, ọ̀kan lọ́jọ́ Àìkú. Ẹ ó rí i pé káì-sìkúẹ̀ wà lẹ́yìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ìwé ló fi bayosítátísítíìsì ṣáájú. A mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni. Ẹni tí àtẹ onílé mẹ́rin bá ti mọ́ lára, iye tó ti mọ̀ dunjú ló máa fi ṣe káì-sìkúẹ̀.

Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe. Báwo ni mo ṣe máa bá yín kà á?

Ẹ má ṣe ìṣirò kankan láàárọ̀ tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ẹnu iṣẹ́ alẹ́ dé. Ẹ sùn. Ní ọ̀sẹ̀ tí iṣẹ́ alẹ́ bá bọ́ sí, ẹ gbé ìṣẹ́jú 45 yín sí ìrọ̀lẹ́ kí ẹ tó wọṣẹ́, kí ẹ sì fi í ṣe ìṣirò kan ṣoṣo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹni tó bá fẹ́ kàwé lẹ́gbẹ̀ẹ́ aláìsàn máa fi iṣẹ́ ṣòfò, á sì fi ìwé ṣòfò.

Bí ẹ bá pàdánù ìpàdé ọjọ́ Àìkú, ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ á ya fọ́tò àtẹ tí a ṣe lọ́jọ́ náà, á pa iye inú ilé kan rẹ́, á sì fi ránṣẹ́ sí yín lórí Wọ́ṣáàpù. Ẹ̀yin á wá iye tó sọnù, ẹ ó ṣe ìṣirò tó kù, ẹ ó sì fi ohùn ṣàlàyé ìtumọ̀ rẹ̀ fún wa. Ohùn yẹn ṣe pàtàkì. Èèyàn lè da ìdáhùn kọ láti ara iṣẹ́ ẹlòmíì, àmọ́ tó bá ń fi ẹnu ara rẹ̀ ṣàlàyé, kíá la máa mọ ibi tí kò tíì yé e.

Èèyàn mélòó ló yẹ kó wà nínú ẹgbẹ́, kí la sì ń ṣe tí a bá jókòó?

Mẹ́rin tàbí márùn-ún. Tó bá ti di mẹ́jọ, àwọn méjì á máa ṣe é, àwọn yòókù á máa wò. Kíláàsì tí a ń lò kò jìnnà sí ọjà Atakúnmọ́sà, pátákó ìkọ̀wé wà níbẹ̀, ìyẹn sì ti tó wa.

Olúkúlùkù á mú ìbéèrè kan tó fúnra rẹ̀ ṣe wá, pẹ̀lú iye tó fúnra rẹ̀ fi sí i. Ẹlòmíì á dìde ṣe é lójú pátákó. Òfin kan ṣoṣo tí a kì í rú ni pé kí ó tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ ìṣirò, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ sókè àwọn tó wà ní ìsàlẹ̀ ìdá náà. “Àwọn tó jẹ móínmóín ni.” “Àwọn tí àyẹ̀wò sọ pé wọ́n ní àrùn ni.” Bó bá ti sọ ọ́ tó sì tọ̀nà, ìṣirò tó kù kò le. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ ẹ̀rọ ìṣirò tí ẹ máa gbé wọ gbọ̀ngàn ìdánwò gan-an lẹ fi ń ṣe é, kí ẹ má lo fóònù, torí bọ́tìnnì `ln` tó ń ṣe lọ́gárídímù kì í wà níbì kan náà lórí gbogbo wọn.

Ìyàtọ̀ wo ló wà láàrin ínsídẹ́ǹsì àti pírẹ́fálẹ́ǹsì?

Pírẹ́fálẹ́ǹsì ń ka gbogbo ẹni tí àrùn wà lára wọn lásìkò kan, ì báà jẹ́ ti àná tàbí ti ogún ọdún sẹ́yìn. Ínsídẹ́ǹsì ń ka àwọn tí àrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ mú láàrin àkókò kan, àwọn tí àrùn náà ṣì lè mú nìkan ló sì ń fi sí ìsàlẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé àgbàlagbà 1,000 wà ní àdúgbò kan, 100 nínú wọn sì ti ní ẹ̀jẹ̀ ríru nígbà tí ọdún bẹ̀rẹ̀. Láàrin ọdún náà, àwọn 45 mìíràn ṣẹ̀ṣẹ̀ ní in. Pírẹ́fálẹ́ǹsì ìbẹ̀rẹ̀ ọdún jẹ́ 100 nínú 1,000, ìyẹn ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún. Ínsídẹ́ǹsì ọdún náà jẹ́ 45 nínú 900, ìyẹn ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó bá pín 45 sí 1,000 ti ka àwọn 100 tó ti ní in tẹ́lẹ̀ mọ́ àwọn tó lè ṣẹ̀ṣẹ̀ ní in, wọn kò sì lè ní in lẹ́ẹ̀kejì.

Ìbéèrè tí wọ́n fẹ́ràn láti fi tẹ̀ lé e ni pé kí ló lè mú kí pírẹ́fálẹ́ǹsì ga sí i nígbà tí ínsídẹ́ǹsì kò yí padà. Ìdáhùn ni oògùn tó ń dá ẹ̀mí sí láìwo àrùn náà sàn tán. Oògùn tó ń dènà HIV nínú ara ṣe bẹ́ẹ̀: àwọn tí ì bá ti kú wà láàyè, wọ́n sì wà nínú kíkà.

Kí ló dé tí ẹ fi ń dá wa padà sídìí àtẹ onílé mẹ́rin nígbà gbogbo?

Nítorí pé ibẹ̀ ni RR tó ń fi ewu ìhà kan wé ti ìhà kejì, OR tó ń fi iye aláìsàn wé iye ẹni tí ara rẹ̀ dá ní ìhà méjèèjì, káì-sìkúẹ̀, ìdánwò àyẹ̀wò àrùn àti ohun tó ń da èsì rú ti pàdé. Àpẹẹrẹ kan ṣoṣo la máa ń lò jálẹ̀ ọ̀sẹ̀ kẹta sí ìkarùn-ún, àwa fúnra wa la gbé e kalẹ̀ fún ìdánrawò. Èèyàn 100 jẹun níbi ìkómọjáde kan ní Iléṣà. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, inú ti ń run àwọn kan, wọ́n sì ń yàgbẹ́ gbuuru. A bi gbogbo wọn léèrè ohun tí wọ́n jẹ, a sì fura sí móínmóín.

| | Ó ṣàìsàn | Kò ṣàìsàn | Àpapọ̀ |
|---|---|---|---|
| Ó jẹ móínmóín | 36 | 24 | 60 |
| Kò jẹ móínmóín | 8 | 32 | 40 |
| Àpapọ̀ | 44 | 56 | 100 |

Nínú 60 tó jẹ móínmóín, 36 ló ṣàìsàn, ìyẹn ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún. Nínú 40 tí kò jẹ ẹ́, 8 ló ṣàìsàn, ìyẹn ìdá 20. Tí a bá pín 60 sí 20, RR jẹ́ 3. Tí a bá yọ 20 kúrò nínú 60, ìyàtọ̀ jẹ́ 40.

Gbólóhùn tó máa gba máàkì ni pé àwọn tó jẹ móínmóín ní ewu àìsàn ní ìlọ́po mẹ́ta ti àwọn tí kò jẹ ẹ́. Ẹ ṣọ́ra fún “ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àwọn aláìsàn ló jẹ móínmóín”. 36 nínú 44 nìyẹn, ó ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin lọ, kò sì tilẹ̀ sọ ohunkóhun nípa ewu. Ká ní gbogbo èèyàn tó wá ló jẹ móínmóín ni, gbogbo aláìsàn ì bá ti jẹ ẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé omi ló fà á.

Ohun tí àwọn 8 wọ̀nyẹn ń sọ náà yẹ kí ẹ fi ọkàn sí. Wọn kò jẹ móínmóín, síbẹ̀ wọ́n ṣàìsàn. Ó lè jẹ́ pé wọ́n gbàgbé ohun tí wọ́n jẹ, ó lè jẹ́ pé ṣíbí tí wọ́n fi bu móínmóín ni wọ́n fi bu oúnjẹ tiwọn, ó sì lè jẹ́ pé àìsàn mìíràn ni. Olùkọ́ tó bá rí i pé ẹ rò ó dé ibẹ̀ á mọ̀ pé ẹ ti wádìí àrùn rí.

Báwo ni mo ṣe máa mọ ìgbà tí mo lè lo RR àti ìgbà tó jẹ́ OR nìkan?

Ẹ béèrè ibi tí olùwádìí ti bẹ̀rẹ̀. Bó bá bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn tí ara wọn ṣì dá, tó sì tẹ̀ lé wọn wò títí, kóhọ́ọ̀tì ni. Ó mọ iye ẹni tó wà ní ìsàlẹ̀, ó sì lè ṣírò ewu, nítorí náà RR ṣeé ṣe. Bó bá bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn aláìsàn, tó wá àwọn tí kò ṣàìsàn mọ́ wọn, tó sì wẹ̀yìn wo ohun tí wọ́n ti ṣe, kéèsì-kọ́ntíróòlù ni. Òun fúnra rẹ̀ ló yan iye aláìsàn àti iye ẹni tí ara rẹ̀ dá, torí náà ìdá àwọn tó ṣàìsàn nínú àtẹ rẹ̀ kò ní ìtumọ̀ kankan. OR nìkan ló kù.

Doll àti Hill, olùwádìí méjì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe méjèèjì lórí ọ̀rọ̀ kan náà, ó sì rọrùn láti rántí. Lọ́dún 1950, wọ́n tẹ èsì ìwádìí tí wọ́n ṣe láàrin àwọn tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró àti àwọn aláìsàn mìíràn jáde, wọ́n ti bi wọ́n léèrè nípa sìgá mímu: kéèsì-kọ́ntíróòlù nìyẹn. Lọ́dún 1951, wọ́n kọ̀wé sí àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì tẹ̀ lé wọn wò fún ọ̀pọ̀ ọdún: kóhọ́ọ̀tì nìyẹn.

Kóhọ́ọ̀tì kan sì wà nítòsí wa níbí. David Morley, tó jẹ́ dókítà ní ọsibítù Wesley Guild ní Iléṣà láti 1956, ló darí iṣẹ́ kan ní Ìmẹ̀sí-Ilé, níbi tí wọ́n ti ń tẹ̀ lé àwọn ọmọ láti ìgbà tí wọ́n bí wọn títí wọ́n fi pé ọdún márùn-ún, tí wọ́n ń wọn ìwúwo wọn. Káàdì ìwúwo ọmọ tí àwọn ìyá ń gbé lọ sí ilé ìwòsàn ní gbòǹgbò nínú iṣẹ́ yẹn. Bí olùkọ́ bá ní kí ẹ mú àpẹẹrẹ kóhọ́ọ̀tì wá láti Nàìjíríà, ẹ má wá a lọ jìnnà.

Àtẹ kan náà, RR jẹ́ 3, OR jẹ́ 6. Èwo ló tọ̀nà?

Méjèèjì tọ̀nà, wọn kò kàn wọn ohun kan náà ni. OR nínú àtẹ wa jẹ́:

```
OR = (36 x 32) / (24 x 8) = 1152 / 192 = 6
```

RR ń fi ewu wé ewu. OR ń fi iye aláìsàn sí ara iye ẹni tí ara rẹ̀ dá nínú ìlà kọ̀ọ̀kan àtẹ: 36 sí 24, àti 8 sí 32. Nígbà tí àìsàn bá pọ̀ bíi ti ibi ìkómọjáde yìí, àwọn tí ara wọn dá kì í tó nǹkan mọ́, OR á sì ga fíofío ju RR lọ. Nígbà tí àìsàn bá ṣọ̀wọ́n, méjèèjì á fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà. Ẹ dán an wò: 36 nínú 6,000 ní ìhà kan, 12 nínú 6,000 ní ìhà kejì. RR jẹ́ 3, OR jẹ́ 3.01.

Nítorí náà, ẹ má ṣe kọ “ewu ìlọ́po mẹ́fà” sábẹ́ OR tó jẹ́ 6 nígbà tí aláìsàn bá jẹ́ 44 nínú 100. Wọ́n máa ń fi ìbéèrè yìí dọdẹ, torí pé ẹni tó ṣe ìṣirò dáadáa náà á já sínú rẹ̀.

Kí ni káì-sìkúẹ̀ ń sọ, kí sì ni p kì í sọ?

Fún àtẹ onílé mẹ́rin, ọ̀nà tó yá jù láti ṣe é nìyí. a, b, c àti d ni iye inú ilé mẹ́rin náà, ìyẹn 36, 24, 8 àti 32; R ni àpapọ̀ ìlà, C ni àpapọ̀ òpó, n sì ni gbogbo èèyàn:

```
χ² = n(ad - bc)² / (R1 x R2 x C1 x C2)
   = 100 x 960² / (60 x 40 x 44 x 56)
   = 15.58
```

Ìpele òmìnira rẹ̀ jẹ́ 1. Iye tí a fi ń wé ni 3.84 fún p 0.05, àti 10.83 fún p 0.001. 15.58 ju méjèèjì lọ, nítorí náà p kéré sí 0.001. Kí ẹ tó gbà á, ẹ wo iye tí à bá retí nínú ilé tó kéré jù: 40 × 44 ÷ 100 jẹ́ 17.6. Bí ó bá kéré sí 5, ẹ fi káì-sìkúẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ lo ìdánwò Fisher.

Ohun tí p ń sọ ni pé bí móínmóín kò bá ní ọwọ́ kankan nínú ọ̀rọ̀ náà, ó ṣọ̀wọ́n gan-an kí èèṣì lásán tó bí ìyàtọ̀ tó tóbi tó báyìí tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sọ pé ó ku díẹ̀ kó dájú pé móínmóín ló jẹ̀bi. Kò sì sọ bí ewu náà ṣe tóbi tó, nítorí pé bí èèyàn bá pọ̀ gan-an nínú ìwádìí, ìyàtọ̀ tí kò tó nǹkan náà lè mú p kékeré wá.

Báwo ni mo ṣe ń ṣe CI fún RR láìdàrú?

Ìṣòro RR ni pé kò pín dọ́gba ní ìhà méjèèjì. Kò lè kéré sí 0, àmọ́ kò ní òpin lókè. Ìdí nìyẹn tí a fi ń bọ́ sínú `ln`, tí a ń ṣe ìṣirò níbẹ̀, ká tó jáde padà.

```
ln(3) = 1.0986
SE = √(1/36 - 1/60 + 1/8 - 1/40) = 0.3333
1.0986 ± 1.96 x 0.3333  →  0.4453 sí 1.7519
e^0.4453 = 1.56    e^1.7519 = 5.77
```

A ó kọ ọ́ pé RR jẹ́ 3, CI 95% sì lọ láti 1.56 dé 5.77. Àwọn iye inú CI ni iye tí ohun tí a rí kò takò. Nítorí pé 1 kò sí láàrin wọn, ó bá èsì káì-sìkúẹ̀ mu. Bí 1 bá wà nínú rẹ̀, ẹ má kọ pé “kò sí ìbáṣepọ̀”, ẹ kọ pé ohun tí a rí kò tó láti yọ èèṣì kúrò. CI láti 0.9 dé 6 kò jọ CI láti 0.95 dé 1.05 rárá: ti àkọ́kọ́ ń bẹ̀bẹ̀ fún èèyàn púpọ̀ sí i, ti èkejì ń sọ pé bí ewu bá tilẹ̀ wà, ó kéré.

Ibi méjì lèèyàn ti sábà ń ṣubú níbí. Ọ̀kan ni kí ó gbàgbé láti jáde padà kúrò nínú `ln`, kó sì kọ 0.45 sí 1.75 sílẹ̀. Ẹ ó mọ̀ pé ó ti ṣẹlẹ̀ bí RR yín kò bá sí láàrin CI tó jẹ́ tirẹ̀. Èkejì ni kí ó fi SE ti OR ṣe ti RR. Nínú ti OR, a máa ń fi iye ilé kọ̀ọ̀kan pín 1, a sì ń ro mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, kò sí yíyọ nínú rẹ̀.

Ní ilé ìwòsàn wa, tí àyẹ̀wò bá ti sọ pé àrùn wà, a máa ń gbà á. Kí ló dé tí ìwé fi ní ká ṣọ́ra?

Ìbéèrè yìí pọ̀ láàrin àwọn nọ́ọ̀sì, mo sì fẹ́ràn rẹ̀, torí iṣẹ́ ọjọ́ ló ti wá. Sẹnsitífítì ń bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn tí àrùn wà lára wọn: mélòó nínú wọn ni àyẹ̀wò mú? Sípẹsifísítì ń bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn tí kò ní in: mélòó ni àyẹ̀wò dá láre? Ẹni tó jókòó síwájú yín ní kílíníìkì kò bọ́ sí èyíkéyìí nínú méjèèjì, torí pé ẹ kò tíì mọ̀ bóyá àrùn wà lára rẹ̀. Èsì àyẹ̀wò nìkan lẹ mọ̀. PPV ni ẹ nílò: nínú gbogbo àwọn tí àyẹ̀wò sọ pé wọ́n ní in, mélòó ló ní in lóòótọ́?

Ẹ mú àyẹ̀wò kan tí sẹnsitífítì rẹ̀ jẹ́ 90%, tí sípẹsifísítì rẹ̀ jẹ́ 80%. Ẹ lò ó fún èèyàn 1,000 tí 100 nínú wọn ní àrùn. Á mú 90 nínú àwọn 100 yẹn, á sì fi ẹ̀sùn èké kan 180 nínú àwọn 900 yòókù. Àpapọ̀ àwọn tó mú jẹ́ 270, 90 péré ló jẹ́ òótọ́. PPV jẹ́ 33%. Ẹ gbé àyẹ̀wò yẹn kan náà lọ síbi tí 500 nínú 1,000 ti ní àrùn náà: á mú 450 lóòótọ́, á mú 100 ní èké, PPV á sì di 82%. Àyẹ̀wò kò yí padà, àwọn tí a ṣe é fún ló yí padà.

Wọ́n fún wa ní àtẹ méjì lẹ́yìn àtẹ àkọ́kọ́. Kí ni wọ́n ń wá?

Kọnfáńdà ni wọ́n ń wá, ìyẹn ohun mìíràn tó ń da èsì rú. Ẹ jẹ́ ká padà síbi ìkómọjáde. Ẹnì kan sọ pé ẹran ló fa àìsàn náà, kì í ṣe móínmóín. A ka àwọn tó jẹ ẹran: 60 ni wọ́n, 32 ṣàìsàn. Àwọn tí kò jẹ ẹran jẹ́ 40, 12 ṣàìsàn. Ìdá 53 sí ìdá 30, RR jẹ́ 1.78. Ó dà bíi pé ẹran náà jẹ̀bi.

Ẹ wá pín wọn sí méjì. Láàrin àwọn 60 tó jẹ móínmóín, 50 jẹ ẹran, 30 nínú wọn sì ṣàìsàn. 10 kò jẹ ẹran, 6 nínú wọn ṣàìsàn. Ìdá 60 ni méjèèjì. Láàrin àwọn 40 tí kò jẹ móínmóín, 10 jẹ ẹran, 2 ṣàìsàn. 30 kò jẹ ẹran, 6 ṣàìsàn. Ìdá 20 ni méjèèjì. RR ẹran jẹ́ 1 nínú àtẹ kọ̀ọ̀kan. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn tó jẹ móínmóín náà ló pọ̀ jù nínú àwọn tó jẹ ẹran, ẹ̀ṣẹ̀ móínmóín ni wọ́n sì gbé lé ẹran lórí.

Kí ẹ tó pe nǹkan ní kọnfáńdà, ẹ bi í ní ohun mẹ́ta: ṣé ó ní ọwọ́ nínú àìsàn náà fúnra rẹ̀? Ṣé ó pọ̀ sí ọ̀dọ̀ àwọn tó ṣe ohun tí a fura sí? Ṣé kì í ṣe ojú ọ̀nà láàrin méjèèjì ló wà? Móínmóín yege nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ká ní ohun tí a fura sí ni ọwọ́ àìfọ̀ aláṣè, tí móínmóín sì ti tipa bẹ́ẹ̀ dọ̀tí, ojú ọ̀nà ni móínmóín ì bá jẹ́, ẹni tó bá sì pín àtẹ nípasẹ̀ rẹ̀ ti pa ìdí àrùn mọ́lẹ̀.

Bí RR inú àtẹ méjèèjì kò bá dọ́gba ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn, ibẹ̀ sì ni máàkì tó kẹ́yìn wà. Bí méjèèjì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra, tí wọ́n sì yàtọ̀ sí RR àpapọ̀, kọnfáńdà ni, ẹ lè fi ọ̀nà Mantel-Haenszel so wọ́n pọ̀ di ẹyọ kan. Bí ọ̀kan bá jẹ́ 1, tí èkejì jẹ́ 5, ohun tí a fura sí náà ń ṣiṣẹ́ lára àwọn kan ju àwọn mìíràn lọ. Ẹ má so wọ́n pọ̀, torí pé iye tó máa jáde kò ní jẹ́ ti ẹnikẹ́ni nínú ìlú. Ẹ kọ RR àtẹ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ pẹ̀lú CI rẹ̀, kí ẹ sì sọ àwọn tí ewu náà wà fún.

Ẹ wo iye èèyàn inú àtẹ kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó fi ìdánilójú sọ̀rọ̀. Nínú àtẹ kejì wa lókè, èèyàn 10 péré ló jẹ ẹran. Bí ẹnì kan ṣoṣo sí i bá ṣàìsàn nínú wọn, ìdá wọn á di 30, RR á sì fò láti 1 sí 1.5.